Ìjábọ̀ láàbù olójú-ewé 22 fẹ́ di pósítà A0 kan: kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ Arówómọ́lẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ pósítà ló gbé mi wá. Ìjábọ̀ láàbù mi jẹ́ ojú-ewé 22, àtẹ 9 àti gíráàfù 7 ló wà nínú rẹ̀. Èèpo kóró máńgòrò tó kún ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ni mo sun di èédú, mo fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì pèsè rẹ̀, mo sì wò ó bóyá ó lè fa aró mẹ́tílíìnì búlúù kúrò nínú omi. Àpérò kan ní Ìlọrin ti gbà á wọlé. Wọ́n ní kí pósítà jẹ́ A0, kó dúró lóòró.

Mo ṣí PowerPoint, mo da ìjábọ̀ náà sínú rẹ̀ lórí-lórí. Ọ̀rọ̀ kún un dẹ́nu, gíráàfù sì ń ṣú bàìbàì bí mo bá fà á tóbi. Gíráàfù méje náà nìwọ̀nyí: èyí tí mo fi ṣe òdiwọ̀n ẹ̀rọ, ti àkókò, ti pH, ti ìwọ̀n èédú, ti Langmuir àti ti Freundlich, àwọn ìdọ́gba méjì tó ń sọ bí aró ṣe ń lẹ̀ mọ́ èédú, àti ti ìdá aró tó kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà tó ṣe kókó jù nìyí. 0.1 g èédú nínú 50 mL omi aró ni mo lò fún márùn-ún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Ibẹ̀rẹ̀ 25 mg/L, ó ku 1.6
Ibẹ̀rẹ̀ 50 mg/L, ó ku 4.0
Ibẹ̀rẹ̀ 100 mg/L, ó ku 21.0
Ibẹ̀rẹ̀ 150 mg/L, ó ku 57.0
Ibẹ̀rẹ̀ 200 mg/L, ó ku 105.0

R² Langmuir mi jẹ́ 0.9998. Èwo ni kí n gbé síwájú, báwo ni mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tí yóò fi mọ́lẹ̀ kedere?

Sùúrù Lérè

Kò le tó bẹ́ẹ̀, àbúrò. Mú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ní orí kọ̀ọ̀kan nínú ìjábọ̀ rẹ, lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àkọlé rẹ̀: ìfáàrà, ọ̀nà tí mo gbà, àbájáde, ìparí. Fi gíráàfù méjèèje sí i, nítorí iṣẹ́ tó o ṣe ni, má jẹ́ kó ṣòfò. Ojú-ewé PowerPoint tí gbogbo ayé ń lò ni kó o fi ṣe é. Tó bá ku díẹ̀ kó o lọ tẹ̀ ẹ́, o lè wá yí ìwọ̀n rẹ̀ sí A0. Má sì gbàgbé láti fi àlàfo yí i ká.

Àdìsá Láàbù

Ẹ̀gbọ́n Sùúrù, òótọ́ lẹ sọ lórí àkọlé mẹ́rin yẹn, àti lórí àlàfo. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìwọ̀n ojú-ewé ṣe ohun ìkẹyìn. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn tí ẹ ti to nǹkan sórí rẹ̀, PowerPoint yóò béèrè bóyá Maximize tàbí Ensure Fit. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ojú-ewé tó gùn níbùú kò lè di èyí tó dúró lóòró kí nǹkan má yẹ̀. Àwòrán yóò fún, àpótí ọ̀rọ̀ yóò gorí ara wọn, ìwọ̀n lẹ́tà náà kò sì ní jẹ́ èyí tí ẹ rò mọ́.

Nítorí náà, Ọmọ Arówómọ́lẹ̀, kó o tó tẹ lẹ́tà kan, lọ sí Design, Slide Size, Custom Slide Size, kó o tẹ 84.1 cm sí Width, 118.9 cm sí Height. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun tó o bá rí lójú kọ̀ǹpútà ni ìwọ̀n rẹ̀ gan-an lórí ìwé. Fi 4 cm sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, pín èyí tó kù sí òpó méjì, kó o fi 4 cm sáàárín wọn. Òpó kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ ní 36 cm. Rántí 36 cm yìí, gbogbo gíráàfù rẹ ni yóò tẹ̀ lé e. Ní ti lẹ́tà: àkọlé ńlá 90, àkọlé abala 44, ọ̀rọ̀ inú 28, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán 24. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan kéré sí 24.

Nísinsìnyí, ohun tó o máa yọ. Ẹni tó ń kọjá níwájú pósítà kò jókòó, ó dúró ni, ẹlòmíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fẹ́ kí o dáhùn: èédú yìí, ṣé ó fa aró, báwo ló sì ṣe tó? Mú gíráàfù rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o bi í bóyá ó dá ìbéèrè yẹn lóhùn.

Òdiwọ̀n ẹ̀rọ kò dá a lóhùn. Gbólóhùn kan tó fún un nínú abala ọ̀nà: a wọn aró ní 664 nm, lórí ìlà òdiwọ̀n tó lọ láti iye báyìí dé iye báyìí. Ti ìwọ̀n èédú kò dá a lóhùn, ìdí tó o fi mú 0.1 g ló ń sọ. Ti àkókò náà rí bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan ni: lẹ́yìn ìṣẹ́jú báyìí, kò yí padà mọ́. Ti Freundlich, o ṣe é láti fi wé Langmuir ni, ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán tó fún un. Ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn nọ́ńbà kan náà ló tún ń sọ, yọ ọ́. Ohun tó kù ni pH, tó ń sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ti Langmuir, àmọ́ yọ ìlà tó nà yẹn, ìtẹ̀sí tó ń fi hàn bí èédú ṣe ń kún ni kó o yà. Fi fọ́tò ìgò kún un, ìgò ṣáájú àti ìgò lẹ́yìn. Mẹ́ta péré, ó tó.

Ti èédú tó ń kún yìí gbọ́dọ̀ gba àyè tó tóbi jù. Ìṣirò rẹ̀ nìyí, kí ẹni tó bá bi ọ́ má bàa rí ọ mú: ní 50 mg/L, aró tó kúrò nínú omi jẹ́ 50 yọ 4.0, ìyẹn 46 mg/L. Sọ ọ́ di púpọ̀ ní 0.05 L, pín in sí 0.1 g, ó di 23.0 mg/g. Èyí ni à ń pè ní qe, aró tó ku nínú omi sì ni Ce. Fún gbogbo márùn-ún, wọ́n jẹ́ 11.7, 23.0, 39.5, 46.5 àti 47.5. Wo bó ṣe ń fò sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì wá ń rọ̀ lókè. Láti 150 dé 200 mg/L, díẹ̀ báyìí ló fi kún un. Ibi tó ti ń rọ̀ yẹn ni ìdáhùn rẹ wà: èédú ti fẹ́ yó. Ìtẹ̀sí yẹn ni kí ojú kọ́kọ́ rí.

Ọ̀rọ̀ gbogbo pósítà kò yẹ kó kọjá 400 sí 500. Ìfáàrà 80, ọ̀nà 90, ìparí 60, ìyókù sábẹ́ àwòrán.

Tíṣà Adé

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ń wá irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ SS2 mi l'Ọ́yọ̀ọ́. Páálí funfun ni a ń lò, máàkà la sì fi ń kọ ọ́. Ṣé lẹ́tà 28 yẹn náà ni kí wọ́n fi kọ ọ́? Àti pé ṣé kí n ní kí wọ́n fi àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì sí i?

Àdìsá Láàbù

Tíṣà, tiyín yàtọ̀ o. Ọwọ́ ni ẹ fi ń kọ ọ́, ẹ sì fẹ́ kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì rí i. Lẹ́tà tó ga ní nǹkan bíi 3 cm ni kí ẹ fojú sùn. Àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì, bí iṣẹ́ wọn kò bá jẹ mọ́ ọn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá Tólú

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí Àdìsá sọ, àmọ́ èmi ò gbà pé kó yọ ìlà Langmuir rẹ̀. R² 0.9998! Nǹkan tí àwọn tó ń fúnni ní máàkì máa kọ́kọ́ wá nìyẹn. Ce/qe lókè, Ce nísàlẹ̀, ìlà tó nà ṣánṣán, kí ó kọ R² síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn.

Àdìsá Láàbù

Ìyá Tólú, ẹ má bínú, R² yẹn kò sọ ohun tí ẹ rò pé ó ń sọ. Ce wà lápá méjèèjì gíráàfù náà. Nígbà tí ẹ bá pín Ce sí qe, tí ẹ sì tún fi Ce ṣe ìsàlẹ̀, ẹ ti fi nǹkan kan wé ara rẹ̀ díẹ̀. Ẹ dán an wò: ẹ mú Ce márùn-ún yìí, ẹ fi 40 sí qe fún gbogbo wọn, bí ẹni pé ìwọ̀n aró kò ṣe nǹkan kan fún èédú rárá. Ẹ pín in, ẹ yà á. Ìlà náà yóò nà pátápátá, R² yóò jẹ́ 1. Ṣé ẹ rí i pé ìlà tó nà kò tíì fi nǹkan kan hàn?

Ìkejì ni pé ìlà náà ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ níbi tó ti léwu jù. Ẹ wo ibi àkọ́kọ́, 1.6. Ká ní ẹ̀rọ ṣì í wọ̀n ní 0.5 péré, tó yẹ kó jẹ́ 2.1. Ce/qe yóò kúrò ní 0.137, yóò di 0.183, ó fi bí ìdá mẹ́ta lé ní pọ̀ sí i. Lórí gíráàfù tí òkè rẹ̀ dé 2.2, ojú kò ní rí i. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ìlà ti gé òpó òkè ni a ti ń rí K, nọ́ńbà tó ń sọ bí èédú ṣe ń fa aró mọ́ra tó, apá ìsàlẹ̀ yẹn gan-an. Nítorí náà K lè yẹ̀ gan-an kí R² ṣì máa rẹ́rìn-ín.

Gíráàfù tó yẹ ni qe lókè, Ce nísàlẹ̀, àmì márùn-ún pẹ̀lú ìlà àṣìṣe wọn láti inú wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, àti ìtẹ̀sí Langmuir tí kọ̀ǹpútà bá wọn mu láìsọ ọ́ di ìlà tó nà. Nọ́ńbà tó máa jáde kò ní jìnnà sí ara wọn níbí, qm, ìyẹn aró tó pọ̀ jù tí gírámù èédú kan lè gbé, yóò yí ká 50 mg/g, K yóò yí ká 0.2 L/mg. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé àmì wà lórí ìtẹ̀sí tàbí kò sí.

Ìyá Tólú

Ọ̀rọ̀ 40 yẹn, mo ti ṣe é nínú Excel báyìí, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwọn tí yóò dúró níwájú pósítà ọmọ yìí, ìlà tó nà ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Bí wọn ò bá rí i, wọn á ní kò ṣe é. Mo ṣì rò pé kó fi í sí igun kan, kó kéré, kó bá ìtẹ̀sí yẹn gbé.

Àdìsá Láàbù

Kó tẹ̀ ẹ́ sórí A4 kan, kó mú un lọ́wọ́ fún ẹni tó bá béèrè. Lórí pósítà, kò rí àyè. Ṣùgbọ́n bí súpáfáísọ̀ rẹ̀ bá ní dandan ni, igun ni kó wà lóòótọ́.

Kóòdù Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má fi Excel bá a mu, ẹ fi Python ṣe é, kò gùn rárá. Ohun tó ṣe pàtàkì níbí ni `figsize`. Íńṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 14 íńṣì jẹ́ 35.6 cm, ó bọ́ sínú òpó 36 cm Àdìsá wẹ́kú. Bí gíráàfù bá ti ní ìwọ̀n tó máa ní lórí ìwé, lẹ́tà 28 inú rẹ̀ yóò jẹ́ 28 tòótọ́, yóò sì bá ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ pósítà jẹ́ ni pé wọ́n ṣe gíráàfù ní íńṣì 6 pẹ̀lú lẹ́tà 8, wọ́n wá fà á gùn dé 14. Lẹ́tà náà kò tíì dé 19, ìlà àti àmì ṣì tínrín.

```python
import numpy as np
import matplotlib.pyplot as plt
from scipy.optimize import curve_fit

Ce = np.array([1.6, 4.0, 21.0, 57.0, 105.0])
qe = np.array([11.7, 23.0, 39.5, 46.5, 47.5])
# fi ìyàtọ̀ wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀mẹta tìrẹ rọ́pò odo wọ̀nyí
sd = np.array([0, 0, 0, 0, 0])

def langmuir(C, qm, K):
    return qm * K * C / (1 + K * C)

p, cov = curve_fit(langmuir, Ce, qe, p0=[45, 0.1])
print(p, np.sqrt(np.diag(cov)))

plt.rcParams['font.size'] = 28
fig, ax = plt.subplots(figsize=(14, 10))
ax.errorbar(Ce, qe, yerr=sd, fmt='o', ms=16, capsize=8)
x = np.linspace(0, 110, 300)
ax.plot(x, langmuir(x, *p), lw=4)
ax.set_xlabel(r'$C_e$ (mg/L)')
ax.set_ylabel(r'$q_e$ (mg/g)')
fig.tight_layout()
fig.savefig('aworan.pdf')
```

Ohun tí `print` bá gbé jáde ni qm àti K, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè yẹ̀ sí. Kọ méjèèjì sábẹ́ àwòrán. Kì í ṣe 49.8731 o, bí ìyẹ̀sí rẹ̀ bá jẹ́ bíi 1, kọ 50 pẹ̀lú ìyẹ̀sí 1, ó parí.

Atẹ̀wé Tákié

Kóòdù, iṣẹ́ dáadáa ni, àmọ́ má fi PDF ránṣẹ́ sínú PowerPoint. Bí wọ́n bá fà á wọlé, ojú-ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ló máa ń gbé wọlé bí àwòrán lásán, á sì ṣú. `aworan.svg` ni kó o kọ síbẹ̀. PowerPoint 2019 àti ti Microsoft 365 ń gba SVG wọlé láti Insert, Pictures. Bó o ṣe fẹ́ kó o fà á tóbi tó, kò ní ṣú, nítorí ìlà ni ó jẹ́, kì í ṣe àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀. Ẹni tí PowerPoint rẹ̀ bá ti pẹ́, kó fi PNG pa á mọ́, kó kọ `dpi=300` mọ́ ọn.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí gíráàfù àbúrò wa fi ṣú. Ó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni, àbí? Ká ní ó fẹ̀ ní píkísẹ́ẹ̀lì 600, tó wá fà á dé 36 cm. 36 cm jẹ́ íńṣì 14.2. Pín 600 sí i, ó ku 42 nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan. Fún pósítà tí wọ́n máa wò láti bíi mítà kan, mi ò fẹ́ kó kéré sí 150, ìyẹn ni pé kí àwòrán tó máa gba 36 cm ní ó kéré tán píkísẹ́ẹ̀lì 2,130 níbùú. Ìṣirò kan náà ni fún fọ́tò ìgò rẹ. Kámẹ́rà fóònù máa ń ya èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bó o bá fi WhatsApp ránṣẹ́ bí fọ́tò, á fún un pọ̀, á dín in kù. Fi ránṣẹ́ bíi Document, á dé bó ṣe wà.

Ohun mìíràn wà tí ojú kò tètè ń rí: PowerPoint fúnra rẹ̀ máa ń dín àwòrán kù nígbà tó o bá ń pa fáìlì mọ́. File, Options, Advanced, wá ibi tí wọ́n kọ Image Size and Quality sí, fi àmì sí Do not compress images in file. Kí o ṣe é kó o tó fi fọ́tò kankan sí i. Bó o bá ṣe é lẹ́yìn, èyí tó ti dínkù kò ní padà.

Bó o bá fẹ́ mú un wá fún wa, má mú PPTX wá. Ọ̀pọ̀ wa ni CorelDRAW la fi ń ṣí iṣẹ́, kọ̀ǹpútà wa sì lè má ní fọ́ǹtì rẹ. Níbẹ̀ ni àmì ohùn Yorùbá, µ àti λ ti ń di àpótí òfìfo. Pa á mọ́ bíi PDF, yan Standard, má yan Minimum size. Lẹ́yìn náà, ṣí PDF náà lórí fóònù ẹlòmíràn, kó o fà á tóbi dé 400%, kó o wo igun gíráàfù àti àwọn nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá ti ṣú níbẹ̀, á ṣú lórí ìwé.

Ní ti ohun tí a máa tẹ̀ ẹ́ sí: fílẹ́ẹ̀sì ni àwọn èèyàn máa ń sáré gbà torí pé kò gbówó lórí, ó sì le. Ṣùgbọ́n aṣọ wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò dán, ìlà tó tínrín àti lẹ́tà kékeré máa ń fọ́ lórí rẹ̀. Bí fílẹ́ẹ̀sì bá jẹ́ dandan, fi ìlà gíráàfù nípọn, má fi lẹ́tà funfun kékeré sórí àwọ̀ dúdú. Ìwé fọ́tò tó nípọn ló ń fi gíráàfù hàn dáadáa jù.

Ọmọ Arówómọ́lẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni mo yà. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, mo fẹ́ kí àkọlé jẹ́ «Èédú èèpo máńgòrò ń yọ 94% aró kúrò nínú omi». Ṣé ó dára? Ìkejì, mo fẹ́ lo àwọ̀ búlúù tó ń tàn fún gbogbo ẹ̀yìn pósítà náà, nítorí pé aró búlúù ni iṣẹ́ náà dá lé.

Atẹ̀wé Tákié

Ti búlúù ni èmi máa dáhùn. Búlúù tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà, ìyẹn 0, 0, 255, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní i. Yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ń dà pọ̀, ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń lò. Bí wọ́n bá tẹ búlúù yẹn, á yí sí bíi àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, á sì kú. Yan búlúù tó dúdú díẹ̀ fún àkọlé, fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ní funfun. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yìn tó kún fún àwọ̀ ń mu yíǹkì, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ tó ń kọjá lára rẹ̀ sì máa ń hàn bí orí ẹ̀rọ bá dí díẹ̀.

Àdìsá Láàbù

Àkọlé rẹ léwu. 94% jẹ́ ti 25 mg/L nìkan. Ní 50, ó jẹ́ 92%. Ní 100, 79%. Ní 150, 62%. Ní 200, 47.5%, kò tó ìdajì mọ́. Ẹni tó bá ka àkọlé yẹn tó sì sún mọ́ gíráàfù á bi ọ́ níbo ni 94 ti wá. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún máa ń ga nígbà tí aró kò pọ̀, nítorí pé àyè pọ̀ lára èédú. Ohun tí èédú gbé ní gírámù kan máa ń ga nígbà tí aró bá pọ̀. Wọ́n ń lọ síbi tó yàtọ̀ síra. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kó o ya méjèèjì sórí gíráàfù kan tó ní òpó òkè méjì. Ojú òǹwòran á rí i bí ẹni pé wọ́n ń bára wọn jà.

Bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún bá wù ọ́ nínú àkọlé, kọ iye tó o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́: «Èédú èèpo kóró máńgòrò ń gbé bíi 50 mg aró mẹ́tílíìnì búlúù ní gírámù kan». Ìyẹn dúró, gíráàfù rẹ sì jẹ́rìí sí i.

Fún abala pH, ìwọ̀nba gbólóhùn méjì ló nílò. Mẹ́tílíìnì búlúù ní àmì pọ́sítíìfù nínú omi. Bí pH bá ga, ara èédú túbọ̀ ń di nẹ́gẹ́tíìfù, ó sì túbọ̀ ń fà á mọ́ra. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kìkì bí gíráàfù rẹ bá fi hàn pé ó ń ga lóòótọ́.

Sùúrù Lérè

Ó dáa, mo gba ti ìwọ̀n ojú-ewé. Àmọ́ ẹ̀yin ò tíì mẹ́nu ba àkópọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ sí wọn tẹ́lẹ̀. Ṣé kò yẹ kó wà lókè pósítà náà? Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè fún un.

Ìyá Tólú

Ó yẹ. Ẹni tí kò ráyè á ka àkópọ̀ nìkan.

Àdìsá Láàbù

Èmi kò gbà. Ọ̀rọ̀ 250 ni àkópọ̀ sábà máa ń jẹ́, ìdajì gbogbo ọ̀rọ̀ pósítà nìyẹn, ohun kan náà ló sì máa tún sọ nísàlẹ̀. Ó tún wà nínú ìwé àpérò fúnra rẹ̀. Kó lọ ka ìlànà tí àpérò fi ránṣẹ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé dandan ni, ó pọn dandan, kó dín ìfáàrà kù sí gbólóhùn méjì. Bí wọn kò bá kọ ọ́, kó fi àyè yẹn fẹ gíráàfù.

Sùúrù Lérè

Kò sí ẹni tó máa fi ìyẹn dá a dúró, àmọ́ èmi á ṣì fi í sí i.

Kóòdù Ògbómọ̀ṣọ́

Lórí fọ́tò ìgò: fi ìwé funfun sẹ́yìn ìgò méjèèjì, kó o yà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Bó o bá ya wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fóònù á tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgò tó ku 21 mg/L á wá dà bí èyí tó ku 4. Kọ nọ́ńbà sábẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, 50 mg/L lápá kan, 4.0 mg/L lápá kejì. Kí fọ́tò àti gíráàfù sọ ohun kan náà.

Atẹ̀wé Tákié

Kó o tó fi owó A0 sílẹ̀, tẹ PDF náà sórí A4 ní bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà èyíkéyìí. A4 jẹ́ ìdá mẹ́rin A0 ní gígùn àti ní ìbú, nítorí náà lẹ́tà 28 á di 7, 24 á di 6. Na ọwọ́ rẹ jáde, kó o kà á. Ọ̀rọ̀ tó o bá tiraka kó o tó rí, èèyàn á tiraka fún un nínú gbọ̀ngàn. Fún ẹnìkan tí kò mọ kẹ́mísìrì, kó wò ó, kó sọ fún ọ gíráàfù tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí. Bó bá jẹ́ ti pH ló tọ́ka sí, ti Langmuir kò tíì tóbi tó.

Ìgbà tó o bá gbà á lọ́wọ́ wa, má ká fílẹ́ẹ̀sì ní kíká pẹlẹbẹ bí aṣọ, ìlà funfun á fọ́ níbi tó ti ṣẹ́. Ìwé fọ́tò, ká a yípo kí ojú tí a tẹ̀ wà níta. Bó o bá tú u ní Ìlọrin, etí rẹ̀ á tẹ̀ sí ara ògiri, kò ní máa ṣí kúrò lára rẹ̀. Mú téèpù tìrẹ dání.

Ìyá Tólú

Ẹ gbàgbé orúkọ. Orúkọ rẹ̀, ti súpáfáísọ̀, ẹ̀ka àti yunifásítì, abẹ́ àkọlé ńlá, lẹ́tà 48. Súpáfáísọ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fi PDF hàn kó tó tẹ̀ ẹ́, kó sì bi í nípa ìlà Langmuir mi yẹn.